Ọjọ́ Ojúde Ọba tó di Ọjọ́rú

Àbámẹ́ta, alẹ́.

Òjò ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀ kí n tó sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tì mí díẹ̀.

Àǹtí mi ń ta ẹlẹ́rìndòdò àti omi ní Ìjẹ̀bú Òde. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ṣé ọjà òpin ọ̀sẹ̀ yá tó kí àwọn gba ọmọ kan tí yóò máa bá wọn tà ní Àbámẹ́ta àti Àìkú? Bí a bá sì pín ọdún sí mẹ́rin, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìdá wo ló yẹ kí àwọn kó ọjà pọ̀ sí? Wọ́n fi àkọsílẹ̀ owó tó wọ báǹkì wọn ní 2024 àti 2025 ránṣẹ́ sí mi. Òpó méjì péré ni mo nílò nínú rẹ̀, ọjọ́ àti iye. Mo ní wákàtí kan ti tó.

Lọ́sàn-án òní ni mo gbé èsì lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti kọ orúkọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọjọ́ tí ọjà yá jù. Àǹtí wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́.

"Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ. Èmi ni mo ta 416,000 náírà lọ́jọ́ náà?"

"Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn, Àǹtí."

"Àkọsílẹ̀ ta ni? Òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi la lọ sin ní Ìpẹru lọ́jọ́ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣí rárá."

Mo padà sí fáìlì tí báǹkì fi ránṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni `08/06/2025`, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ níhìn-ín. Ojúde Ọba ni! Ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí lọ́dún náà, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kún ìgboro, omi tútù kò sì tó tà. Ṣùgbọ́n `United States` ni mo bá ní iwájú `Locale` nínú Google Sheets mi, àwọn ará Amẹ́ríkà sì máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àìkú oṣù Kẹfà ṣe di Ọjọ́rú oṣù Kẹjọ. Ìlà kan ṣoṣo, àmì méjèèjì ló bàjẹ́: òpin ọ̀sẹ̀ di ọjọ́ iṣẹ́, ìdá kejì ọdún di ìdá kẹta.

Ohun tó burú nínú àṣìṣe yìí ni pé kì í pariwo lójú kan náà. Ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá oṣù ló máa ń ṣí lọ sí oṣù mìíràn láìsọ̀rọ̀, torí oṣù kìíní dé ìkejìlá wà. (Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà àti irú rẹ̀ nìkan ló bọ́ nínú rẹ̀, oríire lásán sì ni.) Láti ọjọ́ kẹtàlá lọ, kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà kọ̀ǹpútà kò gbà á bí ọjọ́ mọ́, ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó bá la ojú yóò rí i: apá òsì àpótí ni ọ̀rọ̀ máa ń fara tì, apá ọ̀tún ni ọjọ́ gidi máa ń wà. Òpó tí ó bá ṣe ségesège báyìí, ẹ má gbà á gbọ́.

Èmi rí àmì mìíràn, mo sì fi ọwọ́ ara mi bò ó. `#VALUE!` kún ìsàlẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó bí mi nínú, mo wá fi `IFERROR` nù ún kúrò:

```
=IFERROR(IF(WEEKDAY(A2)>5,"òpin ọ̀sẹ̀","ọjọ́ iṣẹ́"),"")
```

Ọjọ́ méjìdínlógún nínú ọgbọ̀n oṣù Kẹfà ni mo fi bẹ́ẹ̀ gbá dànù, mo tún ń yọ̀ pé ìwé mi mọ́.

Yíyí `Locale` padà lẹ́yìn tí nǹkan ti wọlé kò tún un ṣe, torí ọjọ́ tí ó ti ṣìnà ti di nọ́ńbà. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún gbé fáìlì náà wọlé láti `Import`, mo sì yọ àmì kúrò níwájú `Convert text to numbers, dates, and formulas`. Ohun gbogbo wọlé bí ọ̀rọ̀, títí kan iye owó, tí mo ní láti fi `VALUE` sọ di nọ́ńbà padà. Lẹ́yìn náà, nínú òpó C, ni mo fi ọwọ́ ara mi sọ ibi tí ọjọ́, oṣù àti ọdún wà:

```
=DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2))
```

Mo tún wo ìlà Ojúde Ọba. Oṣù Kẹfà, ó tọ́. Àmì rẹ̀ ńkọ́? "Ọjọ́ iṣẹ́." Háà!

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi báǹkì tàbí Amẹ́ríkà. Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún `WEEKDAY`, Àìkú ló ń pè ní 1, Ẹtì ní 6, Àbámẹ́ta ní 7. Ohun tó ju 5 lọ wá jẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, Àìkú sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọjọ́ iṣẹ́. Tí a bá fi 2 kún un, Ajé ló máa di 1, Àbámẹ́ta 6, Àìkú 7. Ìdá ọdún sì rọrùn, ṣùgbọ́n ọdún gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, kí ìdá kejì 2024 má baà dà pọ̀ mọ́ ti 2025:

```
=IF(WEEKDAY(C2,2)>5,"òpin ọ̀sẹ̀","ọjọ́ iṣẹ́")
=YEAR(C2)&"-"&ROUNDUP(MONTH(C2)/3,0)
```

Gbogbo àmì wá tọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ìdá kejì 2025 fi ọwọ́ rọ́ ti 2024 sẹ́yìn. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n gba ọmọ náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tún wo 2024: Ojúde Ọba ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é, kò bìkítà bóyá iṣẹ́ wà tàbí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdá kejì ọdún jẹ́ ọjọ́ 91, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá géérégé, nítorí náà ọjọ́ òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ 26, ọjọ́ iṣẹ́ 65, lọ́dọọdún. Bí 416,000 bá wà lọ́jọ́ Àìkú, ó fi 16,000 kún ìpíndọ́gba ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní òpin ọ̀sẹ̀. Owó kan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 6,400 ni yóò fi kún ti ọjọ́ iṣẹ́. Iye ọjọ́ ni mo fi pín in o, kì í ṣe iye ìlà, torí lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ìlà máa ń pọ̀.

Mo fi òpó kan kún un, mo kọ "òde" síbẹ̀ fún ọjọ́ méjèèjì, mo yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Òpin ọ̀sẹ̀ 2025 àti ti 2024 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Mo pe Àǹtí lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ọmọ tí yóò bá mi tà lọ́jọ́ kan péré ni mo nílò nígbà náà. Ní 2023 ńkọ́, ṣebí ọjọ́ Ẹtì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, 30 oṣù Kẹfà. Ká ní ó fi ọjọ́ kan pẹ́, ìdá kẹta ni ì bá bọ́ sí."

"Ránṣẹ́ sí báǹkì kí wọ́n tẹ ti ọdún yẹn fún wa. Má tún kà á bí òyìnbó o."