Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń ṣe èsì ìdánwò, ẹ fi IF gbọọrọ yẹn sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ èsì ìdánwò ní àwọn ilé-ìwé girama wa káàkiri Èkìtì, ọ̀kan nínú yín fi fọ́múlà Excel rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. IF mẹ́jọ ló kì bọ inú ara wọn. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó kó bá mi náà ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ sì pẹ́ kí àṣírí tó tú.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Èkínní ni bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ihò wà nínú IF yín.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ní ilé-ìwé kan lágbègbè Ìkọ̀lé ló kọ ọ́. Gíréèdì WAEC ló tẹ̀ lé: A1 láti 75 sókè, B2 láti 70 dé 74, B3 láti 65 dé 69, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé F9 tí kò tó 40. Bó ṣe rí i lórí ìwé náà ló ṣe dà á sínú Excel. Mo gé àárín rẹ̀ kúrò:

```
=IF(AND(D2>=75,D2<=100),"A1",
 IF(AND(D2>=70,D2<=74),"B2",
 IF(AND(D2>=65,D2<=69),"B3", ... "F9")))
```

Kí ló wà láàárín 74 àti 75? Ọmọ kan gba 32.5 nínú 40 tẹ́ẹ̀sì, ó gba 42 nínú 60 ìdánwò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 74.5. Ṣé ó tó 75? Kò tó. Ṣé kò ju 74 lọ? Ó jù ú. Ó ń já bọ́ láti inú IF kan sí èkejì títí ó fi balẹ̀ sórí F9. Èyí tó tún burú ni pé wọ́n ti ṣètò òpó D, níbi tí àpapọ̀ wà, kó má fi .5 bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà 75 ni ojú ń rí. Ohun tó jáde lórí káàdì ọmọ náà nìyí: Bàọ́lọ́jì, 75, F9.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó tẹ́ káàdì sórí tábìlì mi, ó fi ìka sí i, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó gba márùndínlọ́gọ́rin náà ti fìdí rẹmi ni?" Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Èmi ni wọ́n fún ní kúẹ́rì. Ẹni tó kọ fọ́múlà ti gba ìgbéga lọ síbòmíràn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè kankan, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Nígbà tí mo wá tú àwọn èsì àtẹ̀yìnwá, mo rí àwọn ọmọ mìíràn tí ihò kan náà ti gbé mì, tí òbí wọn gba F9 bẹ́ẹ̀, tí wọn kò wá béèrè.

Àtẹ kékeré ni mo fi rọ́pò rẹ̀, láti H2 dé I10:

```
0   F9
40  E8
45  D7
50  C6
55  C5
60  C4
65  B3
70  B2
75  A1
```

```
=VLOOKUP(ROUND(D2,0),$H$2:$I$10,2,TRUE)
```

Ìbẹ̀rẹ̀ gíréèdì kọ̀ọ̀kan nìkan ló wà níbẹ̀. Excel á wá èyí tó ga jù lọ tí kò ju máàkì ọmọ lọ, á sì mú lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí gíréèdì kan bá ti parí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ihò láàárín. Ṣùgbọ́n láti kékeré sí ńlá ni kẹ́ ẹ tò ó. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu yín kí A1 wà lókè. Bẹ́ ẹ bá tò ó bẹ́ẹ̀, gíréèdì tí kò tọ́ lè jáde láìsí ìkìlọ̀. Bẹ́ ẹ bá fi FALSE sípò TRUE, ẹni tó gba 63 á di #N/A, nítorí 63 gan-an kò sí nínú àtẹ. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé àmì $, àtẹ á máa sún wálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fa fọ́múlà lọ.

ROUND yẹn kì í ṣe tiyín láti dá pinnu o. Tó bá wà níbẹ̀, 74.5 á di A1. Tí kò bá sí níbẹ̀, B2 ni, 75 ni ojú á sì máa rí síbẹ̀. Ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹni tó ti gba kúẹ́rì rí ló ń sọ fún yín.

Ọmọ tí kò ṣe ìdánwò ńkọ́? Tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nìkan ni D á fi ṣe àpapọ̀, VLOOKUP á sì fún un ní gíréèdì, F9 lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni pé ó jókòó kọ ọ́. IF kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣẹ́kù nìyí, pẹ̀lú C tó jẹ́ òpó ìdánwò:

```
=IF(C2="","",VLOOKUP(ROUND(D2,0),$H$2:$I$10,2,TRUE))
```

Mo ní ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ, n kò mọ èyí tí mo wà mọ́. Kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì jáde, ẹ ṣí ojú ìwé òfìfo kan, ẹ fi 1 sí gbogbo òpó C, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín tẹ 39.4, 39.5, 74.4 àti 74.5 sínú D. F9, E8, B2 àti A1 ló gbọ́dọ̀ jáde, tẹ̀léra-tẹ̀léra.