Ìlà kan tí mo ti gé dànù

Àkọsílẹ̀ onílà 41 ni àwọn tó ń kọ áàpù wa fi ránṣẹ́ lánàá nípa ohun tí wọ́n ti yí padà. Ọ̀gá mi ní kí n sọ ọ́ di gbólóhùn bíi mélòó kan fún àwọn ìyá tó ń fi áàpù náà tajà. Mo kọ́kọ́ gé gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `refactor` àti `chore`, torí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, oníbàárà kì í rí i. Ó ku díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ nígbà tí mo tajú kán rí èyí nínú ohun tí mo gé:

```
chore: bump minSdk from 21 to 26
```

Háà! Áńdíróìdì 8 ni 26 yẹn dúró fún. Fóònù tí Áńdíróìdì rẹ̀ kò bá tó 8 kò ní lè gba áàpù tuntun náà nìyẹn. Áńdíróìdì 7 sì ni fóònù Ìyá Ìbejì! Mo gbé e sókè pátápátá: "Ẹ wo Áńdíróìdì fóònù yín. Bó bá jẹ́ 7 tàbí kó kéré sí i, áàpù tuntun kò ní wọlé sí i."

Ẹni tó kọ kóòdù náà ní òun rò pé mo mọ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀?