Wákàtí Kan Tó Bọ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ọjọ́rú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 2026. Kubwa.

Aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú lálẹ́ àná ni mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà mi. Inú mi ń dùn pé ó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú kí gbèdéke tó pé. Kí n tó fọ ẹnu tán, èsì ti dé: iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́, wọ́n sì ti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó mi. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ni wọ́n ṣì í kà.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní New York ni gbèdéke náà. Láti oṣù Kọkànlá ni mo ti ń fi wákàtí mẹ́fà kún tiwọn: aago márùn-ún níbẹ̀, mọ́kànlá alẹ́ níbí. Ohun tí mo gbàgbé ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wọn kì í sì í dá a padà títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Lọ́dún yìí, ọjọ́ 8 ló bọ́ sí, ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí gan-an. Àwa kì í fọwọ́ kan aago tiwa ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́fà ṣe di márùn-ún nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará London náà máa ti tiwọn ní ọjọ́ 29 oṣù yìí, aago wọn á wá bá tiwa dọ́gba.

Láàárọ̀ yìí, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti tún un ṣe. Mo paarẹ́ gbogbo gbèdéke tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣírò sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi, mo tún wọn kọ ní aago oníbàárà, mo sì yan New York níbi tí wọ́n kọ `Time zone` sí. Fóònù ló ń yí i padà sí aago wa fúnra rẹ̀ báyìí. Ìṣírò kò ní wà lórí mi mọ́.

Àmọ́ kí n má purọ́ fún ara mi, aago nìkan kọ́. Ó ti rẹ̀ mí ju bí mo ṣe mọ̀ lọ.

Iṣẹ́ alẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí n sì máa tẹ ohun tí wọ́n sọ. Dọ́là kan ni fún ìṣẹ́jú ohùn kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, ohùn wákàtí kan, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ohùn bá mọ́ gaara tí ọwọ́ ẹni sì yá, á tó wákàtí mẹ́rin. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń já lu ara wọn tí ọ̀kan sì wà lórí fóònù, ó lè ju mẹ́fà lọ. Nítorí náà, n kì í gba iṣẹ́ kan kí n tó tẹ ìṣẹ́jú márùn-ún wò láti àárín rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣeé gbára lé, ìkíni ló máa ń kún ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́: mo fi aago wọn ara mi. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ohùn gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nínú iṣẹ́ kan náà, àwọn ènìyàn kan náà, nígbà tó di ọ̀gànjọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún gbà mí ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Gbólóhùn kan ni mo ń dá padà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó sì mọ́, mo rí i pé mo ti tẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síbi tí wọ́n ti sọ àádọ́ta, nítorí méjèèjì fara jọ létí ní èdè Òyìnbó. Iṣẹ́ tí mo fi oorun rà, mo tún fi àárọ̀ tún un ṣe.

Ọ́fíìsì náà sì gba tirẹ̀. Ẹ̀ka ìṣírò owó ni mo wà ní Wuse. Lọ́jọ́ Ajé, ìwé mi kò bá ti báńkì mu, ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà jù. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí àlàfo bá ṣeé fi mẹ́sàn-án pín láìkù, kí a kọ́kọ́ wá ibi tí nọ́ńbà méjì ti gba ipò ara wọn. Mo wá a, mo rí i: 450,000 ni mo kọ ní 540,000. Ọ̀gá mi kò bínú. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Madam, ṣé ẹ ń sùn?" Ìyẹn dùn mí ju ìbínú lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fi ààlà sí iṣẹ́ alẹ́ náà: aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá kúrò ní Wuse ní aago márùn-ún, tí gọ́sìlóò Dutse kò bá gbé wa mì, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa ń wọlé. Oúnjẹ, iṣẹ́ àmúrelé àwọn ìbejì, ó di mẹ́jọ. Ọjọ́ Ẹtì kò sí iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ń ṣe wákàtí mẹ́rin láàárọ̀ kí ilé tó jí.

(Bọ̀dá tó ń gbé lókè wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, ní kí n bá òun wá irú iṣẹ́ alẹ́ yìí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, Àfikún Karùn-ún: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ máa darí òwò tirẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìyá Ìbejì, ṣé kí n máa gbin iṣu sínú kọ̀ǹpútà ni?" Èmi, ilé iṣẹ́ aládàáni ni mo wà, mo ka lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ mi dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀.)

Nírọ̀lẹ́ yìí, oníbàárà kan náà fi ohùn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ránṣẹ́, ó fẹ́ ẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń gbà. Mo tẹ ìṣẹ́jú márùn-ún wò: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn jẹ́ wákàtí méje ààbọ̀ fún títẹ̀, pẹ̀lú méjì láti tún gbogbo rẹ̀ gbọ́: mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ohun tí mo ní láti alẹ́ yìí dé ọjọ́ Ẹtì kò ju mẹ́rin lọ. Bí mo bá fi Àbámẹ́ta àti Ajé kún un, ó di mẹ́wàá. Ó tó lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo ti wọ gbèsè. Mo kọ̀wé sí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lè fi ránṣẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Bí kò bá bá a mu, kí ó fún ẹlòmíràn. Mo tún ṣírò rẹ̀: bí mo bá fi ọ̀gànjọ́ ṣe é fún ọjọ́ Ẹtì, títẹ̀ nìkan á gba mẹ́tàlá ààbọ̀, pẹ̀lú méjì láti tún un gbọ́, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀ ni, àádọ́rùn-ún dọ́là kan náà. Kò tó dọ́là mẹ́fà fún wákàtí.

Ìdajì wákàtí ni mo fi ń wo fóònù bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ó fèsì: Ìṣẹ́gun dára.

Aago mẹ́wàá ti lù. Mo ti pa kọ̀ǹpútà. Bàbá Ìbejì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ṣé iná ti lọ ni.