Ṣẹ́ẹ̀kì káfíńtà Ọ̀fà

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹjọ. Ọ̀la ni mo ń kúrò nílé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń tọ́jú ìwé owó ní Táńkẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ ìwé tí màá fi fa iṣẹ́ lé àbúrò tó ń rọ́pò mi lọ́wọ́, ibi ṣẹ́ẹ̀kì kan ni mo sì ti pẹ́ jù.

Báńkì ní owó wa jẹ́ ₦1,284,500. Ìwé tèmi ní ₦1,029,000. Ẹni tó bá wo ti báńkì nìkan yóò rò pé owó pọ̀ nílẹ̀, yóò sì ná an. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 20 oṣù kẹta, a kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦260,000 fún káfíńtà kan ní Ọ̀fà tó kan àga àwọn ọmọ. Kò tíì gbé e lọ sí báńkì. Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ti báńkì, ó ku ₦1,024,500. Báńkì náà ti yọ ₦4,500 tí n kò tíì kọ sínú ìwé. Tí mo bá yọ ìyẹn kúrò nínú tèmi, ₦1,024,500 náà ló kù. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí wọ́n dọ́gba.

Mo pe bàbá náà lórí fóònù. Wọ́n ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àwọn ni àwọn fi pamọ́, ìgbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án làwọn máa gbà á. Àyà mi já. Bí ṣẹ́ẹ̀kì bá ti pé oṣù mẹ́fà, báńkì kì í gbà á mọ́, 20 oṣù kẹsàn-án sì ni tiwọn máa pé. Mo ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn á lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Síbẹ̀ mo kọ nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀kì náà àti ọjọ́ tí yóò kú sókè ìwé náà, kí àbúrò mi lè pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá kú sí wọn lọ́wọ́, a ó gbà á padà ká tó kọ òmíràn.

Àná la san owó oṣù, torí náà gbèdéke méjì ló wà níwájú. Owó-orí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwárà kí 10 oṣù kẹsàn-án tó kọjá. Owó ìfẹ̀yìntì kò dúró dìgbà yẹn: ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn owó oṣù ni.

Nígbà tí èmi àti àbúrò mi jọ ka ìwé náà tán lọ́sàn-án, ó béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa fún mi ní nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń wọ àkáǹtì?” Mo ní rárá, tìrẹ ni báńkì máa fún ọ. Alhaja, ọ̀gá wa, ti fọwọ́ sí lẹ́tà tí yóò yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì. Èmi àti àbúrò mi ni a jọ máa gbé e lọ sí báńkì láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó kó ẹrù mi.