Bí Mo Ṣe Béèrè Ìṣirò Gírátúítì Mi Lẹ́yìn Tí Mo Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi tọ́jú sítóò ní ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, lójú ọ̀nà Ìlọrin níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nótíìsì oṣù kan, 30 Oṣù Kẹsàn-án sì ni ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ní Oṣù Kẹwàá, akáwáńtì pè mí, ó sì na ìwé pélébé kan sí mi. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: "Gírátúítì: ₦324,000." Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi pátápátá, n kò sì ní ohunkóhun láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mọ́. Wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún ìbuwọ́lù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi sáìnì síbẹ̀ yẹn, owó yín ti wà nílẹ̀," ni ọmọkùnrin náà wí.

Mo dúpẹ́ pé n kò bu ọwọ́ lù ú, nítorí gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ni wọn ìbá kọ́kọ́ gbé síta bí mo bá padà wá sọ pé owó kò pé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e kò mú ọgbọ́n dání. Mo wọlé tọ máníjà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ní ₦80,000 ni mò ń gbà lóṣù, pé bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ₦720,000 ni owó mi. Máníjà kò bá mi jà. Ó fa ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì kà á fún mi pé bésíkì, ìyẹn owó oṣù gidi láìsí àláwáǹsì kankan, ni wọ́n fi ń ṣírò gírátúítì. ₦48,000 ni bésíkì mi. Owó ilé, owó ọkọ̀ àti àwọn àláwáǹsì mìíràn ló gbé e dé ₦80,000. N kò rí ohun tí màá sọ mọ́, mo sì jáde.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí. Ìgbà tí mo rojọ́ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá bi mí: "Báwo ni wọ́n ṣe dé orí ₦324,000 yẹn?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, o ti ń bá wọn jà lórí iye. Kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fi ìṣirò hàn ọ́ ná." Ó wá ní kí n lọ kó gbogbo ìwé mi wá: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìfìdímúlẹ̀, ìwé àfikún owó oṣù, pésílìpù tó kẹ́yìn, àti ẹ̀dà ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí wọ́n lu sítáǹpù "a ti gbà á" mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá wò kò wá sí ọkàn mi rárá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ de ilé iṣẹ́ ní tòótọ́. Ó ṣàlàyé pé lórílẹ̀-èdè yìí, kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ aládàáni san gírátúítì, pé inú àdéhùn ni ẹ̀tọ́ náà ti ń wá. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò bá dárúkọ ìwé ìlànà, ilé iṣẹ́ lè sọ pé ìtọ́sọ́nà lásán ni, pé kì í ṣe ara àdéhùn. Orí ló bá mi ṣe é: abala 8 nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi sọ pé gbogbo ìlànà inú ìwé òṣìṣẹ́ jẹ́ ara àdéhùn yìí. Gbólóhùn yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá tẹ́ àwọn abala tó kù sílẹ̀. Abala 19 ní òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún márùn-ún ó kéré tán, tó sì fi nótíìsì tó yẹ sílẹ̀, yóò gba bésíkì oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó pé, àti pé oṣù tó pé nínú ọdún tí kò pé yóò gba ìdá kan nínú méjìlá bésíkì náà. Abala 1 ní bésíkì tó wà lórí òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tó kúrò ni a ó lò. Abala 4 ní bí wọ́n bá ti fìdí òṣìṣẹ́ múlẹ̀, ìgbà ìdánwò rẹ̀ ti di ara iye ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Abala 11 kò gbè mí: ìsinmi aláìlówó tó bá ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kì í ka mọ́ iṣẹ́. Mo sì ti gba irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì gbáko lọ́dún 2018, nígbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn.

Mo fẹ́ gbójú fo abala 11, kí n máa wò ó bóyá wọn kò ní rántí. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìwé ìsinmi yẹn wà nínú fáìlì mi lọ́dọ̀ wọn, àti pé bí wọ́n bá rí i pé mo fi ohun tí kò gbè mí pamọ́, wọn kò ní ka ìyókù lẹ́tà náà pẹ̀lú ọkàn rere. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi.

Bí a ṣe ka ọjọ́ náà nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 4 Oṣù Kejì ọdún 2013. Ọdún mẹ́sàn-án pé ní 3 Oṣù Kejì ọdún 2022, oṣù méje tún pé lórí rẹ̀ ní 3 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ́kù kò sì pé oṣù, nítorí náà kò mú owó kankan wá. Bí a bá yọ oṣù méjì ìsinmi aláìlówó kúrò, ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù márùn-ún ló kù. Ọdún mẹ́sàn-án lọ́nà ₦48,000 jẹ́ ₦432,000. Ìdá kan nínú méjìlá ₦48,000 jẹ́ ₦4,000, tí oṣù márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦452,000.

Ibi tí ₦324,000 ti wá náà fara hàn nígbà tí a dojú ìṣirò kọ ọ́. Bí o bá fi mẹ́sàn-án pín in, ₦36,000 ni yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́, èyí tí í ṣe bésíkì mi kí wọ́n tó fi owó kún un ní Oṣù Kìíní ọdún 2021. Bésíkì àtijọ́ ni wọ́n lò, wọ́n sì fi àwọn oṣù orí ọdún sílẹ̀ láìkà. N kò gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó jọ pé fáìlì àtijọ́ ni ọmọkùnrin yẹn ṣí.

Lẹ́tà mi kò ju ojú ìwé kan lọ. N kò kọ́kọ́ béèrè owó nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní ìṣirò tó fi nǹkan márùn-ún hàn: ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kíkà, ọjọ́ tí wọ́n fi parí rẹ̀, bésíkì tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe ka oṣù tó lé, àti ohun tí wọ́n yọ kúrò pẹ̀lú abala tó fún wọn láṣẹ láti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo to ìṣirò tèmi sísàlẹ̀, tí mo fi nọ́ńbà abala síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní Tákíè, mo mú méjèèjì lọ, wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu sítáǹpù àti déètì mọ́ èkejì fún mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbà pé ₦48,000 ni bésíkì, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n mú wá jẹ́ ₦428,000. Nítorí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ti wà lójútáyé, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó rí ibi tí ₦24,000 tó dín ti jò lọ. 5 Oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ọjọ́ tí wọ́n fìdí mi múlẹ̀, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kíkà, oṣù mẹ́fà ìgbà ìdánwò sì ti bá a lọ. Ìlà mẹ́ta péré ni mo fi dá wọn lóhùn: mo dúpẹ́, mo tọ́ka sí abala 4, mo sì fi fọ́tókọ́pì ìwé ìfìdímúlẹ̀ há a.

Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ohun mìíràn wá lórí fóònù, pé ṣebí ilé iṣẹ́ ti ń san owó pẹ́ńṣọ̀n fún mi, pé ìyẹn ti rọ́pò gírátúítì. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá padà sílé. Lábẹ́ Òfin Àtúnṣe Pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni agbanisíṣẹ́ ń san, òṣìṣẹ́ ń san mẹ́jọ, lórí bésíkì, owó ilé àti owó ọkọ̀, inú àkáǹtì tó wà ní orúkọ òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣọ̀n ló sì ń lọ. Òfin yìí kan náà fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti fi àjẹmọ́nú mìíràn kún un. Mo rọra bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, abala wo nínú ìwé wa ló sọ pé pẹ́ńṣọ̀n ti rọ́pò abala 19?" Wọ́n ní àwọn yóò wò ó. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní ìparí Oṣù Kọkànlá ni ₦452,000 wọ báńkì mi. Akáwáńtì tún gbé ìwé ìbuwọ́lù wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti so ìṣirò mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kà á láti òkè délẹ̀, mo buwọ́ lu méjèèjì, mo sì gba ẹ̀dà tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní sítóò ní kí n bá òun kọ irú lẹ́tà yìí. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì kan ló kúrò, tí kò padà wá ní ọjọ́ Ajé. Òfin Iṣẹ́ ní kí ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi nótíìsì oṣù kan sílẹ̀, abala 19 wa sì so gírátúítì pọ̀ mọ́ nótíìsì yẹn. Mo ka abala náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà tí a jọ kọ fún un kò mẹ́nu ba gírátúítì rárá. Ọjọ́ ìsinmi ọdún tí kò lò, tí abala mìíràn ní kí wọ́n san owó rẹ̀, ni a béèrè fún.