Aago tí kò ṣeé rí lóòrùn Bẹ́gà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fóònù ní Wúsè l'Ábújá, iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: títún ojú tí fóònù ń fi hàn kí a tó ṣí i ṣe, èyí tí a ń pè ní lọ́ọ̀kì-sikirín ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀, mo ti ṣe é ṣì fún oníbàárà rí, ó sì dùn mí.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Kubwa ló gbé Sámsọ́ọ̀ngì rẹ̀ wá. Ó ní, “Àbúrò, bá mi jẹ́ kí ojú fóònù yìí rọlẹ̀. Aago lásán ni mo fẹ́ wò, ojú mi á ti rẹ̀ mí kí n tó rí i.” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Aago ńlá aláwọ̀ ewé kan ń tàn yanran lójú rẹ̀, ojú ọjọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, iye ìṣísẹ̀ tó ti rìn, ìròyìn, àti ìpolówó ọjà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo fi ìka fà á sókè kí n lè ṣí i. Ojú mìíràn tún yọ sí wa, òun ló wá ń béèrè nọ́ńbà.

Ẹ fi àmì yẹn sọ́kàn. Bí ẹ bá ní láti ṣí fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọlé, èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí kì í ṣe ti fóònù fúnra rẹ̀. Áàpù kan ni oníbàárà gbé wọlé nítorí pé aago inú rẹ̀ wù ú, áàpù náà sì tẹ́ ara rẹ̀ bo ojúlówó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń yí aago pa dà nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó ṣe é ṣe é, nǹkan kan kò ní yí lójú oníbàárà. Ẹ wọ `Settings`, ẹ wọ `Apps`, ẹ tẹ àmì ìdánudúró mẹ́ta tó wà lókè, ẹ yan `Special access`, kí ẹ ṣí `Appear on top`. Gbogbo áàpù tó gbàṣẹ láti gun orí àwọn yòókù ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá jẹ mọ́ aago tàbí lọ́ọ̀kì, ẹ pa dà sí `Apps`, ẹ yan `Uninstall` kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá kọ̀ tí kò fẹ́ yọ, ó ti lè gbàṣẹ alábòójútó: ẹ wá `Device admin apps` nínú `Settings`, ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò yọ.

Nígbà tí èyí kúrò tán ni mo wá ṣe àṣìṣe tèmi. Fóònù náà ń lo One UI 6.1, ìyẹn sọ́fítíwíà Sámsọ́ọ̀ngì. Lórí irú rẹ̀, ẹ ó tẹ ojú títì náà mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, yóò gba ìtẹ̀ka tàbí nọ́ńbà lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ aago fúnra rẹ̀, ìrísí àti àwọ̀ á sì jáde kí ẹ yàn. Mo yan lẹ́tà tó tín-ín-rín jù lọ, mo fún un ní àwọ̀ funfun, mo sì gbé e lé àwòrán Òkè Zuma kan tí nọ́ọ̀sì náà yà lásìkò ọyẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rẹwà bí nǹkan míì. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ kẹta ló pa dà dé. Ó ní òun dúró ní Bẹ́gà lọ́sàn-án, òun ń dúró de ọkọ̀, òun kò sì rí aago ka. Ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó, kò hàn. Ìgbà tó ṣí fóònù pátápátá ló tó mọ ohun tí aago wí.

Ohun tó fà á rèé. Bí oòrùn bá ta sára gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó wà lójú fóònù, ibi tó dúdú á di eérú, ìyàtọ̀ láàárín funfun àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì kéré. Ilà tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ pòórá. Ojú ọ̀run ọyẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tẹ́lẹ̀ kí oòrùn tó dé, nítorí eruku. Funfun lórí funfun ni mo ṣe, mo sì dán an wò nínú iyàrá tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àwòrán ni mo ń kọ́kọ́ yàn, kì í ṣe aago. Apá òkè, níbi tí aago yóò jókòó sí, ni mo máa ń wò. Ó ní láti ṣókùnkùn, kó sì jẹ́ àwọ̀ kan náà, láìsí ewé, láìsí ojú ènìyàn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní àwòrán adágún omi Jabi kan tó yà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ojú ọ̀run rẹ̀ dúdú bí aró. A lo ìyẹn. Mo yan lẹ́tà tó nípọn díẹ̀, mo fi í sílẹ̀ ní funfun, mo dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀. Lẹ́tà tó nípọn tí kò tóbi máa ń rọ ojú ju lẹ́tà tó tóbi tó tín-ín-rín lọ, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Ó wá ku wíjẹ́ẹ̀tì, àwọn àpótí kékeré tó ń fi ìsọfúnni hàn lábẹ́ aago. Mo bi í pé, “Mà, èwo nínú ìwọ̀nyí lẹ máa ń wò láìṣí fóònù?” Ó ronú, ó ní álááàmù nìkan, nítorí iṣẹ́ alẹ́. A fi álááàmù sílẹ̀. Bátìrì ti wà lókè lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀, kí ni a tún ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí? Ojú ọjọ́ ń fẹ́ dátà àti àṣẹ láti mọ ibi tí ẹ wà. Bí dátà bá kú láàárọ̀, ojú ọjọ́ àárọ̀ ni yóò máa fi hàn títí di alẹ́. Kàlẹ́ńdà ló fẹ́ fi sí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó bá kọ síbẹ̀ yóò máa hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá gba ìtòsí tábìlì kọjá, láìtíì ṣí fóònù. Ó rántí àwọn orúkọ tó ń kọ síbẹ̀, ó gbà pẹ̀lú mi.

Ohun méjì ni àwọn ọmọṣẹ́ máa ń gbàgbé. Èkíní ni àwọn ìfitónilétí. Bí ẹ bá tún ojú fóònù ṣe tán, àtẹ̀ránṣẹ́ mẹ́rin péré lè bo gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ `Notifications`, ẹ wá `Lock screen notifications`, kí ẹ jẹ́ kó máa fi àmì kékeré nìkan hàn dípò odindi ọ̀rọ̀. Èkejì ni `Always On Display`, aago tó ń hàn nígbà tí ojú fóònù bá ṣókùnkùn. Ó ní ìrísí aago tirẹ̀, níbi ọ̀tọ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, aago àtijọ́ lè ṣì máa yọjú níbẹ̀, oníbàárà á sì rò pé ẹ kò ṣe nǹkan kan.

Lórí áífóònù, láti iOS 16 ti ọdún 2022, ọ̀nà náà jọra: ẹ tẹ ojú títì mọ́lẹ̀, ẹ yan `Customize`. Wíjẹ́ẹ̀tì kékeré mẹ́rin ló lè wọ ilà tó wà lábẹ́ aago. Oníbàárà lè fẹ́ kí orí ọmọ inú àwòrán bo aago díẹ̀, bó ṣe rí lójú fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí wíjẹ́ẹ̀tì bá wà lábẹ́ aago, ìyẹn kò ní ṣiṣẹ́ lórí iOS 16. Wọn yóò ní láti yan ọ̀kan. Ojú tuntun ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ má yí ti àtijọ́ pa dà, nítorí fóònù náà ń tọ́jú ju ẹyọ kan lọ. Ti Sámsọ́ọ̀ngì, mo máa ń ya àwòrán ojú àtijọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, kí n lè dá a pa dà bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ tuntun mọ́.

Nígbà kejì tí nọ́ọ̀sì náà wá yẹn, n kò jẹ́ kó san owó kankan. Mo ní kó jẹ́ ká jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn wà lókè orí. Ó gbé fóònù náà sókè láìfi ọwọ́ ṣíji bò ó, ó sì kà á fún mi: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.