Ọkọ̀ ọ̀sà àti ọkọ̀ òkun lórí tábìlì mi ní Kabba: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọkọ̀ kékeré méjì tí mo ń gbẹ́, ọ̀kan irú ti ọ̀sà, èkejì irú ti òkun, ti ń jọ ọkọ̀ báyìí. Igi arère kan náà tí mo rà ní sọ́míìlì ni mo là sí méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì fẹ̀ ní 10. Arère fúyẹ́, kì í bá ọ̀bẹ jà. Igi yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní wáwà ní Gánà, òun sì ni àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ńlá tó ń wọ òkun.

Àwọn aládùúgbò máa ń bi mí pé òkun wo ló wà ní Kabba. Kò sí. Odò Ọya ní Lókója ni omi ńlá tó sún mọ́ wa, ọkọ̀ apẹja tí mo sì máa ń rí níbẹ̀ jọ ti ọ̀sà ju ti òkun lọ. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: mo fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ òkun fi yàtọ̀.

Ọkọ̀ kìíní jẹ́ irú èyí tó wà lójú ọ̀sà Èkó. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, orí rẹ̀ sì ní ibi tí ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lè dúró sí. Ọkọ̀ kejì jẹ́ irú ti òkun, abẹ́ rẹ̀ rí róbótó. Bí o bá sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò lọ gbọọrọ: àárín ló rẹlẹ̀ jù, imú àti ẹ̀yìn ń gòkè.

Kí n tó gbẹ́ inú wọn, mo fi bébà ṣírò bí wọ́n ṣe máa rì tó. Ká ní ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ wọn kílò 1.8, omi lítà 1.8 ló gbọ́dọ̀ tì kúrò kó tó léfòó. Ká gbójú fo bí orí ọkọ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ́ pẹrẹsẹ tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 10, á rì ní sẹ̀ǹtímítà 3. Abẹ́ tó jẹ́ ìlàjì òbírí, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, á rì ju 4 lọ díẹ̀. Lójú ọ̀sà, ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ bóyá ọkọ̀ á kọjá lórí ẹrẹ̀ tàbí á há. Ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà Èkó kò jìn, ọ̀pá ń kan ilẹ̀, nítorí náà pẹrẹsẹ ló bójú mu.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà nígbà tí mo kó wọn sínú bàfù, tí mo di yanrìn sínú àpò kéékèèké bí ẹrù, tí mo sì ń fi pákó ti omi kó lè rú. Nínú omi tó dákẹ́, ọkọ̀ pẹrẹsẹ dúró digbí, èkejì ń mì lọ mì bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ọkọ̀ pẹrẹsẹ ń tẹ̀ lé ojú omi: omi dagun, òun náà dagun, ẹrù yọ̀ lọ sápá kan, omi wọlé. Ọkọ̀ róbótó jẹ́ kí ìgbì gba abẹ́ òun kọjá, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dagun.

Bí ìgbì bá ti ẹ̀yìn wá, ibẹ̀ ni àǹfààní orí tó gòkè ti hàn. Ìgbì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹrẹsẹ sókè, imú rẹ̀ rì wọ omi bí ọkọ́ tó wọ ilẹ̀, ọkọ̀ sì yí gbirigbiri. Imú èkejì gòkè pẹ̀lú omi. Àléébù tirẹ̀ ni pé kì í lọ tààrà: ó rọrùn láti yí, nítorí náà awakọ̀ òkun gbọ́dọ̀ máa fi àjẹ̀ gígùn darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀sà kò nílò irú wàhálà yẹn. Ẹ má ṣe gba bàfù gbọ́ jù, o: ó lè fi bí ọkọ̀ ṣe ń yí hàn wá, kò lè sọ bí ìgbì òkun gidi ṣe lágbára tó.

Láti mọ bí ara ọkọ̀ ṣe nípọn tó, mo lu ihò tín-tìn-tín láti ìta, mo sì ti èèkàn igi dúdú tó gùn ní mìlímítà 6 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń gbẹ́ inú, tí orí èèkàn dúdú bá yọ, ibẹ̀ ni màá dúró. Ọyẹ́ ń gbẹ igi lọ́wọ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti hàn ní orí ọkọ̀ ọ̀sà. Bí ó bá ń gùn sí i láàárín òru, mo mọ̀ pé igi ń là. Mo fi òróró pa á, mo sì fi aṣọ tútù bò ó.

Ohun tó kù ni pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun. Ní Gánà, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ọkọ̀ láti ara igi kan ṣoṣo tán, wọ́n máa ń kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè ga, kí omi má baà fọ́n wọlé. Ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ni wọ́n ń so ó mọ́, torí ìdí ọkọ̀ tó ṣe ṣónṣó kò ní àyè fún un. Pákó àfàrà tí mo rí nípọn jù, kápíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á bá mi fá a kí n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.